Ọ̀lẹ̀lẹ̀ Rè é, Ó Gbóná: Ọ̀rọ̀ Tí A Ń Kọ Nígbà Tí Apá Tuntun Pọ́dikáàsì Bá Jáde

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tó ń ṣe pọ́dikáàsì ní èdè Yorùbá, ní Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi fóònù àti makirofóònù kékeré ṣiṣẹ́ ńlá nílùú yìí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó dátà.

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí kéré lójú. Kì í ṣe bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, kì í sì í ṣe bí a ṣe ń gé e. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a ń kọ sábẹ́ àwòrán lọ́jọ́ tí apá tuntun bá jáde ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kápúṣọ̀n. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nínú wa tó fi ọ̀sẹ̀ méjì wá àlejò, tó fi ọjọ́ mẹ́ta gé ohùn, tó wá fi ìṣẹ́jú méjì kọ kápúṣọ̀n nígbà tí oorun ti ń kùn ún. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, ìtàn apá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ fún yín, bí mo ṣe kọ kápúṣọ̀n rẹ̀, bí ó ṣe já sí òfo, àti bí mo ṣe tún un kọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí Láfẹ́nwá, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Obìnrin kan máa ń gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ kọjá lójúlé wa láàárọ̀. Bí ó ṣe ń polówó ni pé: “Ọ̀lẹ̀lẹ̀ rè é o, ó gbóná!” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìmí kan yẹn, a ti mọ ohun tó wà lórí igbá, a ti mọ ìdí tó fi yẹ kí a sáré jáde kí ó tó tutù, ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ti júwe ibi tí ó dé. Kò sọ fún wa pé inú òun dùn láti wá. Kò sọ iye ọdún tí òun ti ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀. Nǹkan mẹ́ta náà ni kápúṣọ̀n wa gbọ́dọ̀ sọ: ohun tí àlejò wá sọ, ìdí tó fi kan ẹni tó ń kà á, àti ibi tí yóò ti gbọ́ ọ. Ìyàtọ̀ kan ló wà. Ohùn obìnrin yẹn ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà, etí lásán lè tọ̀ ọ́ lọ. Tiwa kò ní ojú ọ̀nà, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni náà lè dé ibẹ̀.

Ó dáa. Àlejò wa nínú apá tí mò ń sọ yìí jẹ́ ìyá kan tó ń rẹ aṣọ láró ní Ìtòkú. Ìṣẹ́jú 38 ni a fi sọ̀rọ̀. A sọ nípa ewé ẹ̀lú, nípa omi eérú, nípa bí aṣọ ṣe ń jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ tó fẹ́ jọ ewé, kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i tí yóò fi di búlúù lójú ẹni. A sọ nípa ọjà pẹ̀lú, nípa aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti òkèèrè, tí àwọn kan ń tà bí ẹni pé ọwọ́ aláró ló ti jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé a gbàgbé pé oúnjẹ wà nílẹ̀.

Kápúṣọ̀n tí mo wá kọ rè é:

“Inú wa dùn láti kéde fún yín pé apá tuntun ètò wa ti jáde o! Nínú apá yìí, a gba ìyá wa àtàtà, ògbóǹtarìgì aláró, ní àlejò, a sì jọ sọ̀rọ̀ lórí àṣà, iṣẹ́ àti ìgbé ayé. Ẹ má jẹ́ kó kọjá yín. Ó wà níbi gbogbo tí ẹ ti ń gbọ́ pọ́dikáàsì. Líǹkì wà lójú ìwé wa.”

Ẹ tún un kà. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá yọ “aláró” kúrò, tí ẹ fi “akọ̀pẹ” tàbí “agbẹjọ́rò” sí i, kò sí ohun tó yí padà. Àmì tí mo fi ń mọ kápúṣọ̀n tó ti kú nìyẹn: bí ó bá lè bá àlejò mìíràn mu, kò tíì sọ ohun tí àlejò yìí wá sọ. “Àṣà, iṣẹ́ àti ìgbé ayé” kì í ṣe kókó ọ̀rọ̀. Ẹ̀ka ni, bí ẹni tó ní òun ń ta “oúnjẹ”.

Ìṣòro kejì wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Lórí Instagram, ẹ lè kọ kápúṣọ̀n tó gùn tó 2,200 lẹ́tà àti àmì, ṣùgbọ́n nǹkan bí 125 àkọ́kọ́ péré ló ń hàn kí ó tó di pé ènìyàn tẹ ibi tí yóò ti rí ìyókù. Ẹ wá wo ohun tí mo kó sínú ààyè yẹn: ìdùnnú mi, ìkéde, apá tuntun. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù rẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Pánṣẹ́kẹ́ sí Ọbáńtokò kò ní dé ibi tí mo ti sọ ohun tí a jọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó rí i pé inú mi dùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnìkan péré ló kọ̀wé padà sí mi lọ́jọ́ yẹn, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́.” Mo sì mọ̀ ọ́n, ó máa ń kọ bẹ́ẹ̀ sí gbogbo apá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo pinnu pé n kò ní fi ìyá yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìwé àti bírò, mo tún gbọ́ gbogbo apá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe láti gé e mọ́. Ohun tí mò ń wá ni ibi tí èmi fúnra mi ti sọ pé “Háà!” nígbà tí a ń gba ohùn sílẹ̀. Ibi mẹ́ta ni mo rí, mo kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan ni ìgbà tó ṣàpèjúwe bí aṣọ ṣe ń yí àwọ̀ padà nínú atẹ́gùn. Ó dùn gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ kò ní ohun tí yóò fi ṣe lọ́la. Èkejì ni ìtàn ìyá tirẹ̀, èyí tó fa omijé. Ẹ̀kẹta wà ní ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Níbẹ̀ ni mo ti bi í pé báwo ni ẹni tí kì í ṣe aláró ṣe lè mọ àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ó gbé aṣọ méjì, ó yí wọn padà, ó ní, “Wo ẹ̀yìn wọn.”

Èyí ni mo mú. Ìdí rẹ̀ ni pé ìbéèrè ni, ẹni tó ń lọ sọ́jà sì ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn kí n tó bi í. Kókó ọ̀rọ̀ àlejò, lójú tèmi, ni ìbéèrè kan tí ó dáhùn, tí a lè sọ ní gbólóhùn kan, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ apá kan tán tí n kò rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé èmi ni n kò bi í, kì í ṣe ẹjọ́ kápúṣọ̀n mọ́.

Mo wá kọ gbólóhùn tuntun, mo sì fi ìwàǹwára gbé e jáde láàárọ̀: “Báwo lẹ ṣe máa mọ àdìrẹ gidi? Ẹ yí i padà. Bí ẹ̀yìn bá rí bákan náà pẹ̀lú iwájú, ojúlówó ni.”

Ẹ̀yin ará mi, àṣìṣe ńlá ni mo ṣe níbí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ó lè bá ẹnikẹ́ni nínú wa.

Àwọn ènìyàn gba kápúṣọ̀n yẹn o. Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Ní ọ̀sán, obìnrin kan kọ̀wé sí mi pé òun ti yí àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan padà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ọnà ẹ̀yìn rẹ̀ kò hàn dáadáa, òun sì fi í sílẹ̀ pé ayédèrú ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá tó jẹ́ àlejò wa pè mí. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ó ní, “Ọmọ mi, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ni mo ní kí wọ́n wò, n kò ní kí wọ́n wo ọnà.”

Mo padà sí ìṣẹ́jú 12:40. Òun ló jàre. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, nítorí pé ẹ óò rí bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè ba ọ̀rọ̀ àlejò jẹ́. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ tí wọ́n pò ya ọnà sórí aṣọ, ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn kan fi ń yà á. Ojú kan aṣọ ni wọ́n ń yà á sí. Nígbà tí aṣọ bá wọ inú aró, ẹ̀kọ yẹn ń dáàbò bo ojú tí wọ́n yà á sí, ṣùgbọ́n aró rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọnà fi ń mọ́ kedere níwájú, tí ó sì ń ṣú díẹ̀ lẹ́yìn. Ìyẹn gan-an jẹ́ àmì iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tó dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn ni àwọ̀ ilẹ̀ aṣọ, ìyẹn búlúù tó yí ọnà ká, nítorí pé gbogbo aṣọ ni wọ́n rì sínú ìkòkò. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ojú kan ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá, tí búlúù ibẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Ìyá náà sì fi kún un nínú ohùn yẹn pé àmì kan lásán nìyí, pé aṣọ wà tí ẹ̀rọ tẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ wọ ẹ̀yìn dáadáa, nítorí náà kí ènìyàn tún wo bóyá ọnà náà ń tún ara rẹ̀ ṣe láìyẹ̀ rárá, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kì í ya ọnà méjì kó dọ́gba láìyàtọ̀. Gbogbo èyí ni mo gé sọnù kí gbólóhùn mi lè dùn.

Mo yọ kápúṣọ̀n náà, mo kọ àtúnṣe, mo sì kọ̀wé sí obìnrin tó fi ẹlẹ́kọ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í gbé kápúṣọ̀n jáde láìkọ́kọ́ kà á fún àlejò lórí fóònù. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: “Ṣé bí ẹ ṣe sọ ọ́ nìyí?” Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àwọn kan nínú wa máa ń fi ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ kí àlejò kà á fúnra rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n àgbàlagbà púpọ̀ yóò kàn dáhùn pé “Ó dáa, ọmọ mi” láìwò ó fínnífínní. Bí ẹ bá kà á sí wọn létí, ibi tí kò dáa ni wọn yóò ti dá yín dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìdí tó fi kan olùgbọ́. Níbí ni mo ti máa ń rí “Ẹ kò ní fẹ́ pàdánù èyí” àti “Apá yìí yóò yí ayé yín padà.” Ẹni tó ń kà á kò mọ ohun tí òun yóò pàdánù, nítorí náà kò bẹ̀rù àtipàdánù rẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń wá ẹnìkan pàtó, ní ìgbà kan pàtó. Ta ni ìdáhùn ìyá yìí yóò wúlò fún ní ọ̀sẹ̀ yìí? Ẹni tí wọ́n ní kó lọ ra àdìrẹ fún aṣọ ẹbí ni. Ó ti gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí, bí ó bá san owó iṣẹ́ ọwọ́ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, òun ni gbogbo wọn yóò bi. Mo rí ojú ẹni yẹn kedere. Òun ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ má bẹ̀rù pé àwọn ìyókù yóò rò pé kò kan àwọn. Ìlú wa yìí ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí ti jáde ní 1859, láti ọwọ́ àlùfáà Henry Townsend. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Láti orí àkọlé ni ẹni tó ń kà á ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. 

Nípa bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo “ẹ”. Mo ń rí àwọn kápúṣọ̀n tó ń sọ pé “Ǹjẹ́ o mọ̀ pé…?” Kápúṣọ̀n kan náà yẹn ni a óò fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ìdílé lórí WhatsApp, níbi tí bàbá àgbà àti ìyá ìyàwó wà. Àgbà tí a pè ní “o” lè má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní tẹ líǹkì náà.

Ó wá ku ibi tí wọn yóò ti gbọ́ ọ. “Ó wà níbi gbogbo tí ẹ ti ń gbọ́ pọ́dikáàsì” jẹ́ gbólóhùn tó wúlò fún ẹni tó ti ní ibi tó ti ń gbọ́ pọ́dikáàsì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń wá kò ní. Wọ́n ní WhatsApp, wọ́n ní YouTube tó ti bá fóònù wá. Nítorí náà, mo máa ń mú ibi kan ṣoṣo fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan. Ní WhatsApp, líǹkì YouTube ni mò ń fi sí i, nítorí pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, yóò ṣí. Ní Instagram, líǹkì tí a bá kọ sínú kápúṣọ̀n kì í ṣeé tẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò dúró bí. Nítorí náà, mo máa ń gbé e sójú ìwé wa lókè, mo sì ń kọ ọ́ sínú kápúṣọ̀n pé “ẹ tẹ orúkọ wa, líǹkì wà lábẹ́ àwòrán wa.” Ẹ má ṣe kó Spotify, Apple Podcasts, YouTube àti mẹ́ta mìíràn jọ sójú kan. Ẹni tó bá ní láti yan yóò sún un síwájú.

YouTube tún ní àǹfààní kan tí mo fẹ́ràn. Ẹ lè mú olùgbọ́ lọ tààrà sí ibi ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 760. Bí líǹkì yín bá jẹ́ irú kúkúrú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `youtu.be`, ẹ fi èyí sí ìparí rẹ̀:

```
?t=760
```

Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́, ibi tí ìyá ti ń yí aṣọ padà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí àmì ìbéèrè bá ti wà nínú líǹkì náà tẹ́lẹ̀, `&t=760` ni kí ẹ lò. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò fẹ́ èyí, wọ́n ní ènìyàn yóò fò ìbẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta tó dùn yóò fúnra rẹ̀ fà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ìkíni ìṣẹ́jú márùn-ún pàdé kò ní dúró.

Ẹ sì sọ iye dátà. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù lọ, pé gbólóhùn kékeré bẹ́ẹ̀ ń mú kí ènìyàn tẹ nǹkan. Ní gúrúùpù WhatsApp, mo máa ń fi fáìlì ohùn náà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ fún àwọn tí dátà wọn kéré. Bí a bá fi ohùn náà pamọ́ ní 64 kbps, èyí tó tó fún ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣẹ́jú kan kò tó ìdajì MB. Ìṣẹ́jú 38 á wá jẹ́ nǹkan bí 18 MB. Bí a bá fi í pamọ́ ní 128 kbps, yóò di ìlọ́po méjì, ohùn ènìyàn méjì tó jókòó tira wọn kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ létí. Nítorí náà mo ń kọ “18 MB péré” sí i. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má kọ iye yẹn sábẹ́ líǹkì YouTube, nítorí pé fídíò ń jẹ dátà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kí ẹ tó gbé kápúṣọ̀n jáde, ẹ dán líǹkì náà wò lórí fóònù ẹlòmíràn, fóònù tí ẹ kò fi wọlé sí àkáǹtì yín. Líǹkì tí a dà kọ láti ojú ìwé tí a ti ń ṣètò iṣẹ́ wa máa ń ṣí fún wa, kí ó sì má ṣí fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà, bí ẹ bá gbé apá tuntun lọ, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn ní Apple Podcasts tàbí Spotify. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń gbé fáìlì lọ, òwúrọ̀ Ẹtì ni kápúṣọ̀n ń jáde. Ẹni tó tẹ líǹkì tí kò ṣí lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kó padà wá tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo wá kọ gbẹ̀yìn rè é, èyí tó lọ sí WhatsApp:

“Báwo lẹ ṣe máa mọ àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ láró, yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀? Ẹ yí aṣọ náà padà, kí ẹ wo àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀.

Aláró kan ní Ìtòkú ló gbé aṣọ méjì síwájú wa, tó fi ohun tó yẹ kí ojú yín máa wá hàn wá, àti ibi tí àmì náà ti lè tan yín jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ra àdìrẹ fún aṣọ ẹbí, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó kó owó lọ sọ́jà.

Ẹ tẹ líǹkì ìsàlẹ̀ yìí, YouTube ni yóò ṣí, ní ìṣẹ́jú 12:40 tí ó ti sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ohùn nìkan, fáìlì rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, 18 MB péré.”

Ẹ rí i pé “àwọ̀” ni mo kọ, mo sì fi “ibi tí àmì náà ti lè tan yín jẹ” sí i. Ìyá yẹn ló ní kí n fi ìyẹn sí i.

Fún X, ọ̀rọ̀ tiwa ní ìnira kan tí àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé kò ní. Ààyè 280 ni wọ́n fún ènìyàn, líǹkì èyíkéyìí sì ń gba 23 nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ, àti ṣ, tí wọ́n ní àmì nísàlẹ̀, méjì méjì ni wọ́n ń kà wọ́n níbẹ̀, àmì ohùn tó bá sì tún gun ẹ tàbí ọ lórí ń gba ẹyọ kan sí i. Ọ̀rọ̀ bíi “ọjọ́”, tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú yín, mẹ́fà ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ààyè tán kíákíá, kò sí ohun tó ṣe fóònù yín. Ẹ má torí rẹ̀ yọ àmì kúrò, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ gé. Ìbéèrè náà, “ìṣẹ́jú 12:40”, àti líǹkì ti tó.

Bí kápúṣọ̀n bá ti jáde, iye àwọn tó fi àmì ọkàn sí i kọ́ ni mò ń wò. YouTube Studio ní àwòrán kan tó ń fi hàn bí olùgbọ́ ṣe ń dúró tàbí lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ṣí i, tí wọ́n sì ń lọ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, kápúṣọ̀n ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣèlérí kò sí nítòsí ẹnu ọ̀nà. Nígbà náà, mo máa ń gé gbólóhùn àlejò tí kápúṣọ̀n dá lé lórí, màá fi í ṣáájú orin ìbẹ̀rẹ̀ apá náà. Bí ènìyàn kò bá ṣí i rárá, a jẹ́ pé gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kí n padà sí.

Ìbéèrè kan wá láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, láti ẹnu ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ṣe ètò lórí ìtàn ìlú. Ó ní, “Ìwọ wí pé kí ìbéèrè ṣáájú. Bí àlejò bá jẹ́ olóyè ńkọ́, tí oyè rẹ̀ gùn tó apá mi? Ṣé kí n fi orúkọ bàbá sẹ́yìn ìbéèrè?”

Ìbéèrè gidi ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Àlejò wa jẹ́ olóyè, ó sì wá sọ bí a ṣe ń parí ìjà ààlà ilẹ̀ láàárín ẹbí kí ó tó dé kóòtù. Bí mo bá to gbogbo oyè rẹ̀ sí iwájú, ààyè 125 yẹn yóò tán lórí oyè nìkan. Bí mo bá sì gé oyè náà kù, àbùkù ni. Mo lọ bá bàbá nílé ní Ìbarà, mo gbé fóònù mi hàn án, mo jẹ́ kó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gé lójú ẹni tó ń kà á. Mo bi í pé èwo ni yóò wù ú kí ará ìlú kọ́kọ́ rí, ìdáhùn rẹ̀ lórí ilẹ̀ ni àbí oyè rẹ̀. Bàbá wò ó pẹ́. Ó ní kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ẹni tí ìjà ilẹ̀ bá wà lọ́rùn rẹ̀ ni òun ń bá sọ̀rọ̀. A wá fi oyè rẹ̀ ní kíkún, láìyọ ọ̀kan, sí ìpínrọ̀ kejì, a sì kọ ọ́ sórí àwòrán náà pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi ju orúkọ ètò wa lọ.